Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Dúró Fún

Ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ Yorùbá ni wọ́n gbé fún Bọ́láwùmí Ayẹni pé kí ó máa kọ́ wọn. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀. Ọmọ sọ ọ́ lẹ́nu, ó jẹ̀bi. Ọmọ kan náà kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó gba máàkì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí obìnrin náà ti ń bá a yí. Inú kọ́kọ́ bí i, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó rí àǹfààní kan nínú ìwọ̀sí náà: kò sí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn ọ̀gá a máa tú ìwé Ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá dé orí ti Yorùbá, wọn a tẹ òǹtẹ̀ lù ú láìṣí i. Bọ́láwùmí bá sọ kíláàsì rẹ̀ di ibì kan ṣoṣo nínú ọgbà náà tí ọmọ ti lè ronú kí ó sì sọ ohun tó rò jáde. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó gbàgbé pé ẹni tí kì í sọ èdè kan ní gbangba lè mọ̀ ọ́n kà dáadáa.

Ní sáà kejì, ó mú àlọ́ kan wọ kíláàsì SS2, láti inú ìwé àkójọ àlọ́ tí wọ́n ń lò. Bí àlọ́ náà ṣe lọ nìyí. Ọ̀dá dá, gbogbo ẹranko sì para pọ̀ gbẹ́ kànga. Ẹkùn nìkan ni kò wa erùpẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní òun ń ṣọ́nà kí ọ̀tá má baà ká wọn mọ́. Nígbà tí omi sun, Ẹkùn dé etí kànga, ó bú sẹ́kún. Ó ní omi ọ̀hún kéré, àwọn alágbára yóò mu ún mọ́ àwọn aláìlágbára lọ́wọ́, ó yẹ kí ẹnìkan bá àwọn ẹranko kéékèèké máa ṣọ́ ọ. Àwọn ẹranko kéékèèké pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ẹkùn ti ń sùn sí etí kànga, tó ń pín omi fún wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ máa ń dún ketekete, ni ó ń gun igi láràárọ̀ láti kéde òfin. Omi tó kún ewé kan ni owó iṣẹ́ rẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ mu. Ní ọjọ́ kan, Àgbọ̀nrín béèrè pé, "Ta ló gbẹ́ kànga yìí?" Ẹkùn kàn wo Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ sì kígbe láti orí igi pé, "Àgbọ̀nrín, nígbà tí à ń gbẹ́ ẹ, ìwọ kò sí níbẹ̀." Àwọn ẹranko yòókù wo pátákò Àgbọ̀nrín, tí ó ya níbi tó ti ń wa ilẹ̀, wọ́n sì dorí kodò. Wọ́n lé Àgbọ̀nrín jáde, òùngbẹ sì pa á sínú pápá. Ìlà kan ni ìwé náà wá fi parí rẹ̀: ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọdé máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu.

"Ma, Ẹkùn ni gómìnà!" Godswill ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tí òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, tí ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju àwọn ọmọ onílé lọ. Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

"Gómìnà wo?" ni Bọ́láwùmí bi í. "Bí èyí tó wà níbẹ̀ bá kúrò lórí oyè lọ́la, ṣé àlọ́ yìí yóò kú ni? Ẹ má wá orúkọ. Iṣẹ́ ni kí ẹ wá. Ìtàn méjì ló wà nínú irú àlọ́ báyìí. Ọ̀kan ń rìn lórí ilẹ̀, èkejì ń rìn lábẹ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹranko kọ̀ọ̀kan, kí ló ń ṣe? Kí ló ń rí gbà? Ta ló ń ṣe irú rẹ̀ láwùjọ ènìyàn?"

Ó fa ìlà sójú pátákó, ó pín in sọ́nà mẹ́ta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹkún Ẹkùn, ó dá wọn dúró. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun: ẹranko tí ó ní eyín bí Ẹkùn, kí ló ń fi ẹkún ṣe? Ṣé kò lè fagbára gba kànga ni? Wọ́n jiyàn, jiyàn. Àníọlá, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló nawọ́ níkẹyìn.

"Ma, bó bá fi eyín gbà á, ojoojúmọ́ ni yóò máa fi eyín ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó sunkún, àwọn fúnra wọn ló gbé e fún un. Àwọn náà ni yóò máa bá a ṣọ́ ọ."

Ayọ̀ tó wọ inú Bọ́láwùmí lọ́jọ́ náà, tíṣà nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ó wá ní kí wọ́n lọ sí ìlà tó gbẹ̀yìn, èyí tó ní kí ọmọdé máa gbọ́ràn. "Òfin wo ni Àgbọ̀nrín rú? Ẹ wá a jáde fún mi." Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ìbéèrè ló béèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó dáa. Bí ẹ̀kọ́ inú ìtàn kò bá ti bá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn mu, ẹ yáa béèrè ẹni tí ẹ̀kọ́ náà ń ṣe láǹfààní. Ẹ sì rántí: ìtumọ̀ tó bá fi ẹranko kan sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó ń tiro."

Ó fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dá ti Àníọlá padà. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ náà sọ pé Ẹkùn ni alága àdúgbò àwọn ní Àpáta, Bọ́láwùmí kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Orúkọ lò ń wá." Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ ńlá ńlá pọ̀, ẹ̀rí kò sí, ó kọ ọ́ pé, "Níbo lo ti rí i nínú àlọ́?" Àníọlá kò bínú. Sùrájù, bàbá rẹ̀, fọganáísà ni lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, sikọ́láṣíìpù ilé ẹ̀kọ́ náà ló sì gbé e dé Bódìjà; ọmọ tó bá mọ ibi tó ti ń bọ̀ kì í bínú nítorí tí wọ́n ní kó tún iṣẹ́ ṣe. Ó jókòó sí yàrá ìkàwé lákòókò ìsinmi pẹ̀lú Godswill àti Abdulqoyum, ó kọ ọ́ nígbà kẹta. Bọ́láwùmí kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i tó ń pa ìlà rẹ́, tó ń tún un fà.

Ó kọ ọ́ pé: "Pátákò tó ya yẹn ni ẹ̀rí. Àlọ́ náà kò sọ pé àwọn ẹranko kò mọ òtítọ́. Ó sọ pé wọ́n wò ó, kí wọ́n tó dorí kodò. Nítorí náà, agbára Ẹkùn kò sí nínú èékánná rẹ̀. Inú ọrùn àwọn tó tẹ̀ ló wà." Ó wá fi àdúgbò rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: àwọn ènìyàn dáwó jọ, wọ́n ra tiransifọ́mà, ọjọ́ tí wọ́n tan iná, àwòrán ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n rí lára rẹ̀, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò òpó.

Bọ́láwùmí fún un ní méjìdínlógún nínú ogún. Ó fi bíírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró fún."

Nígbà tí Ọjọ́ Ìbẹ̀wò Òbí pé, tí wọ́n ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan pàtẹ ìwé tó dára jù lórí tábìlì, ìwé Àníọlá ni Bọ́láwùmí ṣí síwájú. Jẹ́jẹ́lọlá, tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, rí ojú ewé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò ka Yorùbá níbí, Ìyá Dọ̀tun?" Bọ́láwùmí náà rẹ́rìn-ín. Òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ló kà á. Alàgbà Gbọ́láhàn Májẹ́kódùnmí ń mú àwọn òbí kan kiri, ó dúró níwájú tábìlì, ó gbé ìwé náà, ó fi awò sójú. Ó kà á tán lórí ìdúró. Àwọn òbí méjì yọjú wò ó lẹ́jìká, ọ̀kan fi fóònù ya ojú ewé náà, ó rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́kàn Bọ́láwùmí, ọ̀nà ló ń ṣí fún òun àti ọmọ náà. Ó tilẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti gba ọpẹ́. Olùdásílẹ̀ pa ìwé náà dé, ó fi í sábẹ́ apá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì.

"Ìyáàfin Ayẹni, ẹ jókòó." Yorùbá ni ọkùnrin náà sọ, Yorùbá tó jinlẹ̀, tí Bọ́láwùmí kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. "Ẹ ò mọ̀ pé tíṣà Yorùbá lèmi náà tẹ́lẹ̀. Ní Mọ́kọ́lá ni mo ti ṣe é, ọdún méje. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n lù."

"Ẹ ṣeun, Sà."

"Èmi ni Ẹkùn."

"Kò dárúkọ yín níbẹ̀, Sà. Àpáta ló ń sọ. Tiransifọ́mà ni."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n má wá orúkọ?" Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé. Ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tuntun wà níta, èyí tí ẹgbẹ́ òbí kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tí wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ Gbọ́láhàn Májẹ́kódùnmí nìkan sí iwájú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn òbí kí ìwé yìí tó dé. Láti àná ni wọ́n ti ń fi àwòrán ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló gbẹ́ kànga. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè kọ irú nǹkan báyìí. Wọ́n bá a kọ ọ́ ni."

"Mo rí i nígbà tó ń kọ ọ́, Sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà."

Ọkùnrin náà yọ áńkáṣíìfù, ó fi nu ojú, ojú rẹ̀ sì ti tutù ní tòótọ́. Ó ní nítorí àwọn ọmọ tálákà lòun ṣe ń pa ara òun lórí ilé ẹ̀kọ́ yìí. Bí òun bá fi ọwọ́ mú un lọ́nà tó rọ̀, àwọn olówó yóò gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Bọ́láwùmí wò ó. Gbogbo ohun tó kọ sójú pátákó ló ń rí níwájú ara rẹ̀, ẹkún pẹ̀lú ẹni tí ń sun ún, kò sì sí ìlà kan tó yàtọ̀. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn: ó mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ náà kò sì ràn án lọ́wọ́.

"Olúdọ̀tun ńkọ́?" ni Olùdásílẹ̀ béèrè, bí ẹni tí ń kí ni. "Ọmọ dáadáa ni. Mo máa ń rí i. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wọ ìdánwò àṣekágbá, àbí?"

Olúdọ̀tun ni ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ Bọ́láwùmí fi sílẹ̀ kó tó kú. Ọ̀fẹ́ ló ń kà níbẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà. Láàárọ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Agbowó. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò gba ọmọ SS3 ní oṣù kan sí ìdánwò. Olùdásílẹ̀ kò sì halẹ̀ mọ́ ọn o. Ó kàn béèrè àlàáfíà ọmọ ni.

Ó ti ìwé kan sí i lórí tábìlì. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: pé tíṣà iṣẹ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ́ ló kọ iṣẹ́ rẹ̀. "Èmi kò lé ẹnikẹ́ni," ni ọkùnrin náà sọ. "Òfin sikọ́láṣíìpù ló sọ pé ẹni tó bá jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ yóò pàdánù rẹ̀. Ẹ kàn bi í léèrè níwájú kíláàsì, kí gbogbo wọn gbọ́. Kí ẹ sì tún ìtumọ̀ àlọ́ yẹn ṣe fún wọn. Ìgbọràn ni. Ó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bọ́láwùmí bu ọwọ́ lù ú. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: kò pẹ́ rárá. Bíírò pupa tó fi ń máàkì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Olùdásílẹ̀ ló yá a ní dúdú, ó sì dá ìwé Àníọlá padà fún un.

Ní kíláàsì, ó dúró sẹ́yìn tábìlì bí ẹni tí ń wá ibi ìsádi. "Àníọlá, dìde. Ta ló bá ọ kọ iṣẹ́ yìí?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. "Èmi ni mo kọ ọ́, Ma."

"Mo ní ta ló bá ọ kọ ọ́?"

"Ma, ẹ̀yin náà lẹ dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ní orúkọ ni mò ń wá. Ẹ ní níbo ni mo ti rí i." Ó nawọ́ sí ìwé náà lórí tábìlì. "Ẹ kọjá lẹ́yìn mi ní yàrá ìkàwé. Ẹ rí mi, Ma."

"Èmi kò rí ọ níbẹ̀," ni Bọ́láwùmí wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ bó ṣe dún. Ọwọ́ Abdulqoyum ti lọ sókè dé etí, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Godswill ń wo ìka Àníọlá, níbi tí bíírò ti jẹ ẹ́ nígbà tó ń kọ ìwé náà ní yàrá ìkàwé. Lẹ́yìn náà, ó dorí kodò, ó ń fi èékánná họ tábìlì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí gbogbo wọn wálẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nípa ọrùn títẹ̀, tí wọ́n sì gba máàkì lórí rẹ̀.

Àníọlá kò sunkún. Ó wo Bọ́láwùmí títí, bí ẹni tí ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀kejì kó lè yé e, ó sì jókòó.

Òfin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà tí kò sí ẹni tí ń rú u: iṣẹ́ yòówù tí tíṣà bá ti wọ́gi lé, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ àtúnṣe sábẹ́ rẹ̀ kí ó sì dá ìwé padà. Bọ́láwùmí ti fa ìlà pupa la méjìdínlógún kọjá, ó ti kọ òdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tí Sùrájù wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà pátápátá, pẹ̀lú ọwọ́ tí gírísì ṣì wà lára rẹ̀, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún Bọ́láwùmí lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní ilé ni òun kò ti kọ́ ọmọ òun dáadáa. Bọ́láwùmí ní kò burú. Àníọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí tíṣà rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀.

"Mo ti ṣe àtúnṣe, Ma."

Bọ́láwùmí kò ṣí i títí wọ́n fi wọ tákísì Àpáta. Nígbà tó ṣí i ní yàrá àwọn tíṣà, ó rí i pé ọmọ náà kò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú ohun tó kọ tẹ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ìlà tó tọ́:

"Àtúnṣe. Tíṣà mi sọ pé mi ò sọ ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró fún. Òótọ́ ni. Mo rò pé ohùn lásán ni, nítorí náà ni mo ṣe fò ó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga, tó rí Àgbọ̀nrín tó ń wa ilẹ̀, tó sì wá sọ pé òun kò rí i. Bí Ẹkùn bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ni yóò kàn bà wọ́n. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Omi ewé kan ni wọ́n fún un, mo sì rò pé ọmọ ló fẹ́ fún mu. Nítorí náà, mi ò bú u. Mo tún rí nǹkan kan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀: ẹni tó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn àlọ́ náà, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni."

Bọ́láwùmí kà á tán, ó tún un kà. Ó wá àléébù sí i, bí tíṣà ṣe ń ṣe, kò rí ọ̀kan. Ẹ̀rí wà níbẹ̀. Kò sí ẹranko tó kù. Ó mú bíírò pupa, ó kọ ogún nínú ogún, ó sì wá rántí pé kò sí ẹni tí òun yóò dá ìwé náà padà fún. Ìtìjú mú un débi pé ó bo ojú ewé náà pẹ̀lú ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Aago lù. Olúdọ̀tun yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn SS2 ń dúró dè é, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Ó wọlé bá wọn. Ìjókòó kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó kọ ọ́ sójú pátákó bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́: Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ yìí ni ìgbọràn. Ó gbọ́ tí bíírò wọn ń rìn lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni Abdulqoyum na ọwọ́, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ma, Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Kí ló dúró fún?"

Gbogbo kíláàsì gbé orí sókè, wọ́n ń wò ó. Bọ́láwùmí kọjú sí pátákó, ó ní kí wọ́n ṣí ojú ewé tó kàn.